Lẹ́tà Tí Ọ̀nà Rẹ̀ Kò Já

Eré kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa ṣe nígbà tí òjò bá há wọn mọ́ inú ilé, tàbí nígbà tí ìrìn-àjò bá gùn tí ojú sì ti sú wọn láti máa wo igbó lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni kìíní a pe ọ̀rọ̀ kan. Ẹni kejì a wo lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, a sì fi lẹ́tà yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹni kìíní bá wí pé "bàtà", ẹni kejì lè dáhùn pé "aṣọ". Ẹni kìíní a ní "ọbẹ̀", ẹni kejì a ní "ẹja", bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò máa so mọ́ ọ̀rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni a ń lò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ti pè kò ṣeé pè mọ́. A kì í ka àmì ohùn sí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fojú fo kíńkín tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà: ẹ yàtọ̀ sí e, ọ sì yàtọ̀ sí o, bí ilé ti yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Eré náà a máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹnì kan yóò fi wí pé "ojú". Nígbà náà ni gbogbo ilé a dákẹ́. Ẹni tí ó kàn a wo òkè, a wo ilẹ̀, a fi ọwọ́ họ orí, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tí ó fi u bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó pe "ojú" a pariwo pé òun ti borí. Ẹni tí kò rí ìdáhùn a ní ìrẹ́jẹ ni. Àwọn tí ń wòran a pín sí méjì. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ọmọdé lásán. Ó bá ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá èdè Yorùbá tan, ó sì yẹ kí àwọn tí ń ṣe eré náà mọ ìdí rẹ̀ kí wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ bí ilẹ̀ bí ẹní yóò rí i pé fáwẹ̀lì ni ó ń parí wọn. Àwọn kan ni a fi lẹ́tà n parí nínú ìwé, bí ẹran, irin, ìbọn àti ọ̀run, ṣùgbọ́n n yìí ń sọ fún wa pé kí a gba imú pe fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀ ni, kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìró. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó parí pẹ̀lú b, tàbí k, tàbí ṣ. Nítorí náà lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ó lè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nínú eré yìí: a, e, ẹ, i, o, ọ, u àti n. Láti ibi tí èyí ti wá, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kì í fiyè sí. Bàtà, fìlà, gèlè, kìnnìún, labalábá àti pẹ́pẹ́yẹ kò lè wọ inú eré náà rárá, àfi bí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá fi ọ̀kan nínú wọn ṣí i. Lẹ́yìn náà kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tí ó lè fà wọ́n wọlé, nítorí kò sí èyí tí ó parí pẹ̀lú b tàbí f tàbí g. Ohun tí ó kù fún àwọn òṣèré ni àwọn ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì ṣáájú, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí n ṣáájú.

Ti lẹ́tà n kò le púpọ̀, bí ó tilẹ̀ há. Nǹkan wà níbẹ̀, náírà wà, nọ́ńbà àti nọ́ọ̀sì wà, ẹni tí ó bá sì mọ̀ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ yóò tún rí níní, níná àti nínà. Ti u ni ó burú. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ ìwé, fáwẹ̀lì yòókù lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n u kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè náà tilẹ̀ kọ̀ ọ́ fún àlejò. Nígbà tí orúkọ Úsímáànù dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀sìn Ìmàle, ẹnu àwọn baba wa já u iwájú rẹ̀ dànù, wọ́n sì sọ ọ́ di Sùmọ́nù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó fi u parí pọ̀ bí yanrìn: ojú, ìlú, ikú, ewu, ẹrù, ẹrú, iṣu, oṣù, ìyọnu. Ọ̀nà tí ó wọ inú u kò lóǹkà; ọ̀nà tí ó jáde kò sí. Ọ̀nà tí kò já ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ni kí ó jìyà rẹ̀? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn gbogbo ènìyàn ni pé kí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ pè pàdánù, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin eré náà ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin yìí dára ní ibi gbogbo, àfi ní orí u. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ bá ni yóò pàdánù, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ la ẹnu yóò wí pé "ojú", eré a sì parí ní orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá sì fi òfin dè é kí ó má pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni kejì yóò pè é. Bí ẹni kìíní bá ní "bàtà", ẹni kejì yóò ní "àdánù". Kò sí ọgbọ́n níbẹ̀, kò sí ìrántí, eré ìje ta-ni-yóò-kọ́kọ́-ti-èkejì-sí-kòtò ni.

Àwọn ará Rọ́ṣíà ní irú ìṣòro yìí, wọ́n sì yanjú rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Orúkọ ìlú ni wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ṣe eré náà, ṣùgbọ́n nínú ìwé wọn àmì kan wà tí a ń kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti mú kí ìró tí ó ṣáájú rẹ̀ rọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó lè fi àmì náà bẹ̀rẹ̀. Ìlú Kàsánì, tí ó wà lórí odò Fọ́ígà, ní àmì yìí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè é, ẹni tí ó kàn yóò fi àmì náà sílẹ̀, yóò padà sẹ́yìn lẹ́tà kan, yóò bá n níbẹ̀, yóò sì pe ìlú mìíràn bí Nofosibísíkì. Bí a bá ṣe báyìí ní Yorùbá, "ìlú" yóò fún wa ní l, "ojú" yóò fún wa ní j, "ikú" yóò fún wa ní k, "ẹrù" yóò fún wa ní r. A kò lè sẹ́ pé adùn kan wà nínú èyí. Labalábá, jígí, kìnnìún àti ràkúnmí, tí a ti tì sí ìta láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò rí ọ̀nà wọlé. Bí àwọn ọmọ kékeré bá ń ṣe eré náà kí wọ́n lè mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀nà àwọn ará Rọ́ṣíà ni kí olùkọ́ fi lé wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n fún àwọn àgbà ọmọ, ohun tí ó ń bàjẹ́ níbẹ̀ ju èyí tí ó ń ṣe lọ. Ewu kúrò nínú eré. Ẹni tí kò ronú tí ó pe "ìlú" kò ní ìjìyà kankan, ẹni kejì ni yóò ṣe wàhálà àtipadà sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, ní kété tí lẹ́tà bí l tàbí j bá ti wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ni a lè sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ nípa àpètúnpè: lílọ, líle, lílù, jíjẹ, jíjó, jíjìn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tán. Eré tí kò lè tán kò ní ẹni tí yóò borí, òṣèré a sì kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀ ju ẹnìkejì lọ.

Àwọn ará Jàpáànù ni wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ. Ṣiritori ni wọ́n ń pe eré náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì súnmọ́ "gbígbá ìdí mú", nítorí ìdí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn pè ni a ń gbá mú. Àwọn kì í fi lẹ́tà ṣe é, sílébù ni wọ́n ń lò, nítorí sílébù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì ìwé wọn ń dúró fún. Bí ẹnì kan bá pe ringo, tí í ṣe èso ápù, ẹni kejì lè pe gorira, tí í ṣe ìnàkí. Ẹni kìíní a wí pé rajio, èyíinì ni rédíò. Ẹni kejì a ní láti fi o bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ní ọ̀nà tí kò já. Ìró n tí ó dá dúró a máa parí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú èdè wọn, kò sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kankan. Bí ẹni kejì yẹn bá dáhùn pé onsen, tí í ṣe omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó pàdánù, lójú ẹsẹ̀. A kò dúró wo bóyá ẹnìkejì yóò rí ọ̀rọ̀ pè. Ẹni tí ó la ọ̀nà lọ sí ibi tí kò já ni ó jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a tì sí ibẹ̀.

Òfin yìí ni ó bá Yorùbá mu jù lọ. Bí a bá gbà á, "ojú" kì í ṣe ohun ìjà mọ́, ọ̀fìn ni. Ẹni tí ń ṣe eré yóò máa ṣọ́ra fún ẹnu ara rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó fi u parí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ju èyí lọ ni pé ogun gidi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Kò ṣeé ṣe láti ti ọ̀tá sínú ọ̀fìn ní tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí ní láti darí rẹ̀ sí ibi tí kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kù ju èyí tí ó ń lọ sínú ọ̀fìn. Bí a ti ń ṣe èyí kò ṣòro láti kọ́, bí a bá fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú orúkọ ìlú. Ká sọ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ni ó jókòó sí ìdí eré, wọ́n sì ti kọ ìlú mẹ́wàá sára pátákó, wọ́n gbà pé ju àwọn wọ̀nyí lọ kò sí: Ìkàré, Èkó, Èrúwà, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Ẹdẹ, Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀fọ̀n, Oǹdó àti Òkèhò. Kò sí ìlú tí ó fi n bẹ̀rẹ̀ lára pátákó náà, nítorí náà n ni ó di ọ̀nà tí kò já. Ẹni tí ó bá pe Ẹ̀fọ̀n pàdánù. Ẹni tí kò bá sì rí ìlú pè pàdánù pẹ̀lú. (Ọmọ tí ó gbọ́n yóò wí pé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni orúkọ ìlú náà, pé e ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Òótọ́ ni, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a fẹnu kò sí orúkọ tí a kọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.) Olùkọ́ pe Ìkàré láti ṣí eré. Táíwò ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, e ni ó sì bá níwájú rẹ̀. Èkó ni kí ó pè ni, tàbí Èrúwà?

Kí ó tó dáhùn, ó yẹ kí ó wo àwọn ìlú kan tí ìwà wọn yàtọ̀. Ẹdẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ó sì parí pẹ̀lú ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́. Oǹdó àti Òkèhò ń ti o lọ sí o. Abẹ́òkúta ń ti a lọ sí a. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni a lè pè ní apadà-sílé, nítorí ibi tí ó ti jáde ni ó ń padà sí. Ẹni tí ó pè é kò sún eré síwájú ẹsẹ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe ni pé ó gbé ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ ka orí ẹnìkejì.

Wàyí o, ká wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Táíwò bá pe Èrúwà. Kẹ́hìndé bá a níwájú rẹ̀, ó sì pe Àkúrẹ́. Táíwò wà lórí ẹ. Ó pe Ẹdẹ. Kẹ́hìndé pe Ẹ̀pẹ́. Táíwò tún wà lórí ẹ, apadà-sílé méjèèjì sì ti tán. Ẹ̀fọ̀n nìkan ni ó kù fún un. Ó pàdánù. Bí ó bá sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣáájú Ẹdẹ, kò yí nǹkan padà. Ohun tí ó pa á ni pé apadà-sílé tí ó wà lórí ẹ jẹ́ méjì: ó lo ọ̀kan, Kẹ́hìndé lo ọ̀kan, ẹrù náà sì padà wá bá a.

Ká ní Èkó ni ó pè, Kẹ́hìndé ni yóò wà lórí o. Kẹ́hìndé a pe Oǹdó, Táíwò a pe Òkèhò, Kẹ́hìndé a wá ìlú títí kò ní rí. Apadà-sílé méjì náà ni ó wà níbẹ̀, ẹni tí a tì sórí wọn náà ni ó sì tún pàdánù. Èkó ni ìdáhùn tí ó tọ̀nà, Táíwò sì lè mọ èyí kí ó tó la ẹnu, láìsí pé ó ka gbogbo eré náà tán lọ́kàn. Kíkà tí ó ní láti ṣe kò ju kí ó mọ̀ bóyá apadà-sílé tí ó kù lórí lẹ́tà kan jẹ́ ẹ̀jì tàbí ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, tí kò sì sí ọ̀nà àbájáde mìíràn, ẹni tí a tì síbẹ̀ yóò pàdánù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí mẹ́ta, ẹni tí ó tì í síbẹ̀ ni yóò pàdánù.

Ibi tí àwọn ọmọ ti sábà máa ń ṣe àṣìṣe ni pé wọn a há ìlú kan sórí bí ẹni há oògùn. Ọmọ tí ó ti rí i pé Àkúrẹ́ borí lẹ́ẹ̀kan yóò máa pe Àkúrẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ká sọ pé wọ́n pa Ẹdẹ rẹ́ lára pátákó kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tí Táíwò sì tún pe Èrúwà. Bí Kẹ́hìndé bá pe Àkúrẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ìṣáájú, Táíwò yóò pe Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀fọ̀n yóò sì já mọ́ Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Ìlú kan ṣoṣo ni a yọ, gbogbo eré sì dojú dé. Ṣùgbọ́n bí Kẹ́hìndé bá kà á tẹ́lẹ̀, yóò rí i pé ọ̀kan péré ni ó kù lórí ẹ, nítorí náà òun kọ́ ni ó yẹ kí ó ti ènìyàn síbẹ̀. Yóò pe Abẹ́òkúta. Táíwò yóò wà lórí a, Àkúrẹ́ nìkan ni ó kù fún un. Ó pe Àkúrẹ́ tipátipá, Kẹ́hìndé a pe Ẹ̀pẹ́, Táíwò a sì pe Ẹ̀fọ̀n. Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ kò lọ sí ibì kankan, ṣùgbọ́n òun ni ó pààrọ̀ ẹni tí yóò gbé ẹrù. Òṣèré tí ó mọṣẹ́ a máa fi irú ìlú bẹ́ẹ̀ pamọ́ di ìgbà tí ó bá nílò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ a pè é jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ rántí.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó le ju gbogbo èyí lọ, tí ó sì ti mú omi jáde lójú ọmọ. Ó a máa ṣẹlẹ̀ nínú iyàrá ẹ̀kọ́ pé ẹnì kan yóò pe "ojú", tí ọmọ kan láti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà yóò sì dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì pé "ulé". Gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín. Wọn a ní èyí kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ náà a jókòó, kò sì ní dáhùn mọ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ni wọ́n ṣì í. Ní ilé rẹ̀, ulé ni ilé, uṣu ni iṣu, ùlú sì ni ìlú. Bí baba rẹ̀ ti ń pè é nìyẹn, bí baba baba rẹ̀ sì ti pè é kí ẹnikẹ́ni tó fi gègé kọ Yorùbá. Nígbà tí Sámúẹ́lì Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ìwé kíkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní èdè yìí ni, ohùn Ọ̀yọ́ ni ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nínú Yorùbá tí a wá ń kọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí u kò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ nínú ìwé wa. Ìwé ni kò ní i. Kì í ṣe èdè.

Nítorí náà ohun tí ó tọ́ ni pé kí àwọn òṣèré yan ọ̀kan kí wọn tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan, ó dára, kí u jẹ́ ọ̀fìn gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ará Jàpáànù, kí ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ọ̀yọ́ jọ máa sá fún un. Bí wọ́n bá sì gba ẹ̀ka èdè wọlé, kí wọ́n gbà á tọkàntọkàn. Ní irú eré bẹ́ẹ̀ ọ̀fìn ti di ọ̀nà tóóró. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù nítorí pé ó pe "ojú", ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ pè ni yóò pàdánù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: bí ẹnì kan bá ti pe "ilé", ṣé ẹlòmíràn tún lè pe "ulé"? Rárá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu méjì ni ó pè é. Ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ pe ọ̀kan ti lo méjèèjì.

Ìgbà náà ni ìṣirò ti ẹ̀ẹ̀kan tún padà dé. Uṣu jẹ́ apadà-sílé, ùlú náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ulé nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jáde, e ni ó sì jáde sí. Ọmọ Èkìtì lè rò pé òun ti bọ́ nígbà tí ó bá pe "ulé", ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ yóò dáhùn pé "ewu", yóò sì dá a padà sórí u. Ó pe "uṣu". Ẹnìkejì, tí ó ti kọ́ èdè náà lẹ́nu rẹ̀, pe "ùlú". Ọ̀rọ̀ tán fún un. Bí ó bá fi "uṣu" ṣáájú, tí ó sì fi "ulé" kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni yóò bá ara rẹ̀, nítorí ulé kò pààrọ̀ ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bí ewu bá ṣì wà nílẹ̀ láti dá a padà. Apadà-sílé méjì ni, òun ni a sì tì síbẹ̀. Ohun tí ó lè gbà á ni ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ mìíràn tí u wà níwájú rẹ̀ tí u sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá rántí ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ìsinmi ń bọ̀, ìyá baba rẹ̀ sì wà ní ilé.